Kọfí sísè àti kọfí sísẹ́: bí ẹ ṣe lè yọ òróró tó ń gbé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù sókè kúrò nínú ife yín

Bó bá jẹ́ kọfí inú sáṣẹ́ẹ̀tì tó ń yọ́ pátápátá nínú omi gbígbóná lẹ máa ń mu, yálà nílé tàbí lọ́dọ̀ máì ṣáyì ní Sábó, ohun tí mo fẹ́ sọ níbí kò fi bẹ́ẹ̀ kàn yín. Irú kọfí bẹ́ẹ̀ kì í ní òróró tó pọ̀ nínú. Àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni àwọn tó ń ra kọfí lílọ̀, tí wọ́n ń dà á sínú ìkòkò, tí wọ́n ń sè é títí yóò fi hó, tí wọ́n á wá rọra da omi rẹ̀ sínú ife. Mo mọ irú wọn ní Ìkòròdú: àwọn ọlọ́dẹ àti òṣìṣẹ́ alẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ Ọdọ̀guńyàn, àwọn tí ẹbí ń fi kọfí ránṣẹ́ sí láti òkè Mambilla, àti àwọn tó ti òkè òkun dé pẹ̀lú jọ́ọ̀gì onígíláàsì tí wọ́n ń tẹ ìdérí rẹ̀ wálẹ̀. Bí wọ́n bá lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù wọn ga, ẹyin àti ẹran ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bínú sí. Ìkòkò kọfí kì í sí lọ́kàn wọn rárá.

Ohun tó wà nínú ìkòkò náà

Òróró wà nínú hóró kọfí. Inú òróró yìí ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní káfẹ́sítọ́ọ̀lù wà, pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ káwíọ́ọ̀lù. Káfẹ́sítọ́ọ̀lù ló lágbára jù nínú méjèèjì. Bí ẹ bá se kọfí lílọ̀, omi gbígbóná á fa òróró náà jáde. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á léfòó bí ẹ̀kán kéékèèké, ìyókù á lẹ̀ mọ́ lẹ́búlẹ́bú tó kúnná jù, èyí tó máa ń bá omi wọ inú ife. Ẹ wo ojú kọfí sísè níbi tí oòrùn ti ń ràn sí i, ẹ ó rí i pé ó ń dán bí ojú ọbẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta epo sí.

Nínú ife kọfí sísè kan, tàbí ti jọ́ọ̀gì onítẹ̀, nǹkan bíi mílígíráàmù 3 sí 6 káfẹ́sítọ́ọ̀lù ló máa ń wà. Bí ẹ bá fi bébà sẹ́ ẹ, ohun tó máa kù kì í tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílígíráàmù kan. Bébà náà àti kọfí tó jókòó lé e lórí ló gba òróró náà dúró.

Ohun tí káfẹ́sítọ́ọ̀lù ń ṣe nínú ara yé àwọn onímọ̀ dáadáa. Ẹ̀dọ̀ wa máa ń lo kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù láti fi ṣe òróǹro, èyí tó ń bá wa da ọ̀rá inú oúnjẹ. Ẹ̀dọ̀ ní ohun kan tó fi ń mọ̀ bóyá òróǹro ti tó. Káfẹ́sítọ́ọ̀lù á tẹ ohun náà bí ẹni pé òróǹro ti kún, ẹ̀dọ̀ á sì dẹwọ́ iṣẹ́. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù tí ì bá ti di òróǹro á ṣẹ́kù, ẹ̀dọ̀ kò sì ní fa ti inú ẹ̀jẹ̀ wọlé bó ṣe yẹ mọ́. Èyí tó ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ni irú tí wọ́n ń kọ LDL sí lórí ìwé àyẹ̀wò, èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn.

Ẹ kíyè sí i pé mi ò tíì dárúkọ kafíìnì, ohun tó ń lé oorun lọ. Òun kọ́ ló ń gbé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ga. Kafíìnì máa ń bá omi kọjá nínú bébà wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí náà kọfí sísẹ́ á ṣì lé oorun fún yín. Kọfí tí wọ́n ti yọ kafíìnì kúrò nínú rẹ̀ kò sì gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ òróró yìí tí wọ́n bá sè é lásán.

Norway ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ hàn gbangba. Ní 1983, àwọn oníwádìí nílùú Tromsø rí i pé bí ènìyàn bá ṣe ń mu kọfí sí ni kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù rẹ̀ ń ga sí, ìkòkò ni ọ̀pọ̀ wọn níbẹ̀ sì fi ń se kọfí nígbà náà. Ní 1989, wọ́n dán an wò ní Netherlands: àwọn kan ń mu ife kọfí sísè mẹ́rin sí mẹ́fà lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, àwọn kan ń mu iye kan náà tí wọ́n fi bébà sẹ́. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù àwọn tó mu sísè fi nǹkan bíi 0.48 ga sí i ní mmol/L, òdiwọ̀n tí láàbù fi ń kọ ọ́, LDL nìkan sì kó 0.39 nínú rẹ̀. Ti àwọn onísísẹ́ kò yí padà. Èyí tó wúlò jù lọ fún wa wáyé ní 1991, ní Netherlands náà. Wọ́n se kọfí àwọn kan nínú ìkòkò, wọ́n wá dà á gba inú bébà kọjá kí wọ́n tó mu ún. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù wọn kò gòkè. Ẹ lè máa se kọfí yín nìṣó, ẹ kàn ní láti sẹ́ ẹ kó tó dé ife.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ mọ ibi tí ẹ wà kí ẹ tó yí nǹkan kan padà

Bí ẹ bá kọ́kọ́ yí kọfí padà, tí ẹ wá lọ ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kò ní mọ iye tí kọfí ń dá sí i. Ẹ lọ sí láàbù, ẹ ní ẹ fẹ́ àyẹ̀wò ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní lípíìdì púrófáìlì. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ní láàbù kan náà, láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun, kí ẹ wá wá àárín méjèèjì. Mo mọ̀ pé owó ni, àmọ́ ìdí wà fún un. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ẹni kan náà máa ń lọ sókè sódò láti ọjọ́ dé ọjọ́ láìsí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì lè tó nǹkan bíi ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Lára ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 6.2, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.4. Bí ohun tí kọfí ń fi kún un ṣe tó náà nìyẹn. Àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè mú yín yọ ayọ̀ òfo, ó sì lè já yín kulẹ̀ lásán.

Ẹ má ṣe é lásìkò tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yín sílẹ̀. Ibà àti àìsàn gbígbóná máa ń fa kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù wálẹ̀ fúngbà díẹ̀, bí ara bá sì yá tán ó máa ń padà sí ipò rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe àyẹ̀wò kìn-ín-ní pẹ̀lú ibà lára, tó ṣe èkejì lẹ́yìn tí ara ti yá, lè máa rò pé kọfí sísẹ́ ló ba ẹ̀jẹ̀ òun jẹ́. Ẹ sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán kí ẹ tó lọ.

Láàbù kan máa ń kọ èsì ní mmol/L, òmíràn máa ń kọ ọ́ ní mg/dL. Bí ti ìṣáájú bá jẹ́ ọ̀kan tí ti ìkẹyìn jẹ́ èkejì, ẹ fi 38.7 sọ mmol/L di púpọ̀, ẹ ó rí mg/dL.

Ìgbésẹ̀ kejì: asẹ́ wo ló ń gba òróró dúró?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Asẹ́ oníke kékeré tí a fi ń sẹ́ tíì, àti asẹ́ oníwáyà tó máa ń bá ẹ̀rọ kọfí wá, kò lè gba òróró dúró. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó tóbi ni wọ́n ń mú. Ojú wọn là ju ẹ̀kán òróró lọ, lẹ́búlẹ́búu tó kúnná pàápàá ń gbabẹ̀ kọjá. Waya kan náà ló wà nídìí ìdérí jọ́ọ̀gì onítẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí kọfí rẹ̀ fi wà ní ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú ti ìkòkò.

Bébà kọfí ló dára jù. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Èkó ń tà á, a sì máa ń rí i rà lórí ìkànnì. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ kankan láti lò ó. Ẹ tẹ́ bébà náà sínú asẹ́ oníwáyà tó ní ìsàlẹ̀ roboto, ẹ gbé e lé ẹnu jọ́ọ̀gì, ó ti tó. Iṣẹ́ waya níbẹ̀ kò ju kó gbé bébà dúró lọ. Ẹ má fi tíṣù rọ́pò rẹ̀. Ó máa ń ya nínú omi gbígbóná, bó bá sì ti ya, òróró àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á jọ wọ jọ́ọ̀gì.

Bí ẹ kò bá rí bébà, aṣọ ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo aṣọ. Ní Singapore, àpò aṣọ òwú ni wọ́n ti ń fi sẹ́ kọfí láti ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n wọn káfẹ́sítọ́ọ̀lù inú rẹ̀, ó kéré, ó sún mọ́ ti bébà. Aṣọ òwú tó ki, tí wọ́n hun pọ̀ mọ́ra dáadáa, ni ẹ máa wá. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ọ̀pọ̀ ilé ń fi sẹ́ ògì báyìí kò ṣe é lò fún èyí. Wọ́n ṣe é kí omi lè tètè kọjá, òróró náà á sì bá a kọjá. Ẹ gbé aṣọ náà sókè kí ẹ wo oòrùn láti inú rẹ̀. Bí ẹ bá ń rí ojú ihò rẹ̀ ketekete, ẹ wá òmíràn, tàbí kí ẹ ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́ta.

Ẹ sè é nínú omi lásán kí ẹ tó lò ó fún ìgbà àkọ́kọ́, kí òórùn ilé-iṣẹ́ àti sítáàṣì lè kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan, ẹ dà gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nù, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ sá a sí oòrùn kó gbẹ pátápátá. Òróró tó wà lára rẹ̀ máa ń kan, bó bá ti ń rùn, kò wúlò mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: sísè àti sísẹ́

Ìwọ̀n tí mo máa fún yín yìí, inú ilé ni yóò ti wá. Omi ọ̀rá kan, irú èyí tí a ń pè ní píọ̀ wọ́tà, jẹ́ 500 mílílítà. Ẹ wọn ṣíbí ìjẹun mẹ́fà kọfí lílọ̀ sí i, kí ṣíbí má ga lẹ́nu. Ìyẹn á sún mọ́ gíráàmù 30. Nígbà tí kọfí bá ti mu tirẹ̀ nínú omi náà, ife kékeré mẹ́ta ló máa kù.

Kí kọfí má kúnná bí ìyẹ̀fun. Bí ẹ bá ní kí ẹni tó ń lọ ata lọ̀ ọ́ fún yín, tó wá lọ̀ ọ́ kúnná jù, bébà á dí, ẹ ó dúró títí, inú á sì bí yín débi pé ẹ ó padà sí ìkòkò. Ata náà á sì wà nínú kọfí yín. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti lọ̀, tó rí bí iyanrìn, tàbí kí ẹ fi ẹ̀rọ kékeré ilé lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí omi hó, ẹ da kọfí sí i, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kó tún hó díẹ̀, kí ẹ sì gbé e kúrò lórí iná. Ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́rin kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè fìdí jókòó. Láàárín ìgbà yẹn, ẹ tẹ́ bébà sínú asẹ́ rẹ̀, ẹ da omi gbígbóná díẹ̀ lé e kó lè lẹ̀ mọ́ ara waya, ẹ sì da omi náà nù. Omi tó tòrò lókè ìkòkò ni kí ẹ kọ́kọ́ rọra dà gba inú bébà. Ẹ jẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kẹ́yìn, nítorí bó bá kọ́kọ́ wọlé òun ló máa dí ojú bébà. Ẹ má fi ṣíbí fún bébà tàbí kí ẹ fọwọ́ fún aṣọ kó lè yá. Fífún yẹn á ti òróró tó ti dúró jáde sínú jọ́ọ̀gì, gbogbo iṣẹ́ yín sì ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ má tún gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná sè mọ́ tòní. Ẹ má sì mu èyí tó bá sùn sí ìdí ife, nítorí òróró ṣì wà lára rẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́?

Ẹ bu kọfí tí ẹ ti sẹ́ sínú ife funfun, kí ẹ má tíì fi mílíìkì sí i, ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Kó má ní dídán òróró lójú. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ rọra dà á jáde. Bí ẹ bá rí ẹrẹ̀ dúdú ní ìdí ife, bébà ti ya tàbí aṣọ fẹ́lẹ́ jù. Lẹ́nu, kọfí náà á fúyẹ́ ju ti ìkòkò lọ. Àwọn kan kì í kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n á ní kò wúwo mọ́. Òróró ló ń fún ti ìkòkò ní ìwúwo yẹn, nítorí náà àìsí rẹ̀ lẹ́nu jẹ́ ẹ̀rí tó dára. Bí ẹ bá fẹ́ kó le sí i, ẹ fi ṣíbí kọfí kan kún un, ẹ má fi iye mílíìkì kún un. Ọ̀rá inú mílíìkì agolo náà ń gbé LDL sókè, bí ẹ bá sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lásìkò yìí, èsì àyẹ̀wò yín kò ní sọ òótọ́ nípa kọfí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àyẹ̀wò kejì, àti bí a ṣe ń kà á

Ẹ máa bá a lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Oúnjẹ, iye ife kọfí, àti oògùn tí dókítà kọ, ẹ má yí wọn padà. Ẹ wá ṣe àyẹ̀wò méjì mìíràn bí ti ìṣáájú.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà fún bàbá kan tó ń ṣọ́ ilé-iṣẹ́ ní Ọdọ̀guńyàn. Ká ní ife kọfí sísè márùn-ún ló ń mu lóru, kọfí Mambilla tó jẹ́ irú arábíkà, èyí tí òróró rẹ̀ ní káfẹ́sítọ́ọ̀lù ju ti rọ̀bọ́sítà lọ. Àyẹ̀wò rẹ̀ méjì kọ́kọ́ jẹ́ 6.1 àti 6.3, àárín rẹ̀ jẹ́ 6.2. Ìyẹn jẹ́ 240 ní mg/dL. Tí ife kọ̀ọ̀kan bá ní mílígíráàmù 4, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 20 lójúmọ́. Ohun tí àwọn oníwádìí rí ni pé mílígíráàmù 10 lójúmọ́ máa ń fi nǹkan bíi 0.13 mmol/L kún kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù. Nítorí náà 20 á fi 0.26 kún un, ìyẹn nǹkan bíi 10 ní mg/dL. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí sẹ́ kọfí rẹ̀, ohun tó yẹ kó máa retí ni nǹkan bíi 5.9. Bí ara rẹ̀ bá rí bí ti àwọn ará Netherlands 1989, ó lè dé 5.7.

Tó bá padà wá tí èsì jẹ́ 5.9 àti 5.8, ìyẹn bá ìṣirò mu, a lè gbà pé kọfí ni. Tó bá jẹ́ 5.0, mi ò ní gbà pé kọfí nìkan ló fà á. Màá bi í bóyá ibà ṣe é, bóyá ó bẹ̀rẹ̀ oògùn kan, tàbí bóyá láàbù mìíràn ló lọ. Tí kò bá yí padà rárá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo asẹ́ rẹ̀. Bí asẹ́ bá dára, a jẹ́ pé ibòmíràn ni kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù rẹ̀ ti ń wá.

Ìbéèrè tí irú bàbá bẹ́ẹ̀ máa ń bi mí ni pé, "Ọmọ mi, ṣé kí n kúkú fi kọfí sílẹ̀ ni?" Ìdáhùn mi kì í yí padà: "Rárá sà, Bàbá. Ẹ kàn máa sẹ́ ẹ. Àmọ́ 5.9 yẹn ṣì ga, ẹ lọ rí dókítà."

Ohun tí sísẹ́ kọfí lè gbà kúrò lára kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ní òdiwọ̀n. Ẹni tí tirẹ̀ ju 7.5 lọ, tàbí tí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ní àrùn ọkàn kó tó pé ọgọ́ta ọdún, kò gbọdọ̀ jókòó ti bébà asẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kó tó lọ rí dókítà. Ó lè jẹ́ ohun tó ń bá ìdílé rìn, oògùn ni wọ́n sì fi ń ṣètọ́jú ìyẹn. Bí dókítà bá ti kọ sítátíìnì, oògùn tó ń fa kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù wálẹ̀, fún yín, ẹ má dá a dúró nítorí pé ẹ ti ń sẹ́ kọfí. Àwọn aláboyún kò sì lè fi àyẹ̀wò yìí díwọ̀n kọfí, nítorí oyún fúnra rẹ̀ máa ń gbé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ga gan-an.

Bí ẹ bá ń lọ sí ọsibítù, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré: irú kọfí tí ẹ ń mu, bí ẹ ṣe ń sè é, ohun tí ẹ fi ń sẹ́ ẹ, iye ife lójúmọ́, èsì àyẹ̀wò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti déètì wọn. Dókítà kì í sábà béèrè ìkòkò, nítorí náà ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀.